Kí ni ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mímọ́ yẹ kó yí padà nínú ẹni?

Ẹsẹ̀wẹ́rẹ́:
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Sarria dé Santiago de Compostela ní Sípéènì, níbi tí wọ́n ní sàréè Jákọ́bù Àpọ́sítélì wà. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 115. Gbogbo ẹni tó ti lọ ló ń sọ fún mi pé bí mo ṣe lọ kọ́ ni mo ṣe máa bọ̀. Tí mo bá ní kí ló máa yí padà, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ àdúrà ni, mo lè gbà á nínú yàrá mi. Kí ni ẹsẹ̀ ń ṣe tí orúnkún ò lè ṣe?

Ọmọ Ìjọ:
Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ni, àǹtí mi. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, wọ́n á fún yín ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Compostela. Ìwé yẹn ló ń fi hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ yín ti parẹ́. Kẹ́ ẹ sì mú òkúta dání láti ilé, ibì kan wà tí wọ́n ri àgbélébùú irin mọ́, ibẹ̀ lẹ máa jù ú sí. Ẹ̀ṣẹ̀ lọ nìyẹn.

Bàbá Ọ̀pá:
Ọmọ Ìjọ, rọra. Ìwé yẹn kì í ṣe ìwé ìdáríjì. Ohun tó ń jẹ́rìí sí kò ju pé èèyàn fẹsẹ̀ rin 100 kìlómítà tó gbẹ̀yìn, ó kéré tán, àti pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tàbí ohun tó jọ ọ́ ló gbé e dìde. Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀. Lápá ìgbẹ̀yìn yẹn, wàá máa gba òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ sínú ìwé pélébé kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìsùn, àní níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí pàápàá. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní Santiago á yẹ òǹtẹ̀ wò, á kọ orúkọ rẹ lọ́nà ti Látìnì, ó parí. Kò bi ọ́ léèrè ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ìdáríjì ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọ Àgùdà ń sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Èèyàn ní láti jẹ́wọ́ fún àlùfáà, kó gba Ara Olúwa, kó gbàdúrà fún ohun tí Póòpù ń gbàdúrà fún, kí ọkàn rẹ̀ sì ti kúrò pátápátá lára ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló le jù, kò sì sí iye kìlómítà tó lè bá èèyàn ṣe é.

Òkúta ńkọ́? Àgbélébùú irin yẹn wà lórí òkè, lẹ́yìn abúlé Foncebadón, ó tó nǹkan bíi mítà 1,500 sókè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Sarria ti fi í sẹ́yìn kó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà, Ẹsẹ̀wẹ́rẹ́, má mú òkúta kankan o. Wàá gbé e dé Santiago ni.

Ìbéèrè rẹ gan-an wá kù. Mo ti rin ọ̀nà yẹn láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ẹnu ààlà Faransé, nǹkan bíi kìlómítà 780. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo yọ̀ǹda ara mi láti máa tọ́jú àlejò ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìsùn tó wà lọ́nà. Iṣẹ́ yẹn là mí lójú ju ìrìn tèmi lọ, torí pé ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mò ń rí bí èèyàn ṣe ń wọlé.

Ọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ó ti sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, ọ̀gá sì ni níbi iṣẹ́ rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó. A gbé àpò rẹ̀ sórí ìwọ̀n, kìlógíráàmù 13. Òun fúnra rẹ̀ kò ju 75 lọ. Àwọn tó mọ ọ̀nà máa ń sọ pé kí ẹrù má kọjá ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara ẹni, ìyẹn bíi méje ààbọ̀ fún un. Mo ní kó da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ká jọ wò ó. Bàtà kejì wà níbẹ̀, ìkẹta náà wà. Ṣòkòtò mẹ́rin. Ẹ̀wù òtútù nínípọn méjì. Oògùn tí wọ́n lè fi ṣí ilé ìwòsàn. Fóònù kejì, ti ibi iṣẹ́. Èyíkéyìí tí mo bá nawọ́ sí, ó ní ohun tó máa wí: "bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?", "bí ara mi ò bá dá ńkọ́?", "bí wọ́n bá wá mi níbi iṣẹ́ ńkọ́?" Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ dákẹ́. Gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé ló tò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó sì rí i. Ní ọjọ́ kejì ó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fi èyí tó pọ̀ jù ránṣẹ́ sí Santiago kó lè bá a níbẹ̀. Fóònù ibi iṣẹ́ ló pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbà kó lọ.

Orúnkún ò lè ṣe ìyẹn, ọmọ mi. Nínú yàrá, èèyàn lè sọ fún Ọlọ́run pé òun ti kó gbogbo àníyàn òun lé e lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó máa já a nírọ́. Lọ́nà, èjìká ló ń dáhùn.

Lékeléke:
Ẹ dákun, ṣé ìrìn yìí máa ń dín sísanra kù? Dókítà ní kí n máa rìn dáadáa, mo wá ń wò ó pé bóyá kí n kúkú lọ bá wọn níbẹ̀.

Bàbá Ọ̀pá:
Ó lè dín in kù díẹ̀. Ebi ọ̀nà yẹn ò sì kéré, á tún dá a padà fún yín.

Ẹsẹ̀wẹ́rẹ́:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Àyà mi já o. Ẹ̀yìn ń dùn mí láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti sanwó kí ọkọ̀ máa gbé àpò mi ṣíwájú láti ilé ìsùn kan dé òmíràn. Ṣé mo ti bà á jẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?

Ìyá Àrùná:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sìn tèmi yàtọ̀. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́, àbúrò mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyà ẹsẹ̀ kọ́ ló ń mú ẹ̀san wá. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, rí bàbá arúgbó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì gbá mú lápá ọ̀tún àti òsì. Wọ́n ní ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn. Ànábì ní Ọlọ́run kò nílò kí ẹni yìí máa fìyà jẹ ara rẹ̀, ó ní kó gun nǹkan ìgùn. Ẹ̀yìn yín náà, ẹ jẹ́ kó gun mọ́tò.

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń sinmi ní Háájì o. Ẹ̀ẹ̀méje la ń yí Kaaba ká, ẹ̀ẹ̀méje la tún ń rìn láàárín òkè Sọ́fà àti Mọ́rúwà, èyí nìkan sì lé ní kìlómítà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni mo ti rí ara mi. Mínà ni. Àgọ́ kan náà lèmi àti àwọn tí n kò mọ̀ rí jọ wà, bẹ́ẹ̀dì ò jìnnà síra, àwa tá a tò síbi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gùn lọ bí ejò. Súrà Bákárà ẹsẹ 197 ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ìsọkúsọ, kò gbọdọ̀ sí ìwà ẹ̀ṣẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí awuyewuye nígbà Háájì. Mo ti mọ̀ ọ́n lórí láti kékeré. Obìnrin kan wá já wọ iwájú mi, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Mo rántí pé mo wà nínú Ìhúrámù, ipò mímọ́ tí ẹni tó ń ṣe Háájì máa ń wà, mo gbé e mì. Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, mo ti gbé irú rẹ̀ mì tí mi ò lè kà á mọ́.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé oníjà ni mí. Nílé, mo rò pé mo kàn máa ń sọ òótọ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyí: kí á tó gbéra, àwọn àfáà ní ká san gbèsè ọrùn wa, ká bẹ ẹni tá a bá ṣẹ̀, ká fi ohun tí ará ilé máa jẹ sílẹ̀ títí a ó fi dé. Fún èmi, apá yẹn le ju Mínà lọ. Ẹni tó bá fò ó, ó ti kù díẹ̀ káàtó kó tó wọ bàálù.

Bàbá Ọ̀pá:
Ìyá Àrùná, ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Kristẹni àtijọ́ ń ṣe. Wọ́n á san gbèsè, wọ́n á kọ ìwé ìhágún, wọ́n á parí ìjà, torí ẹni tó bá lọ lè má bọ̀ mọ́. Àwa ìsinsìnyí ò ronú ju bàtà àti ẹ̀wù òjò lọ.

Ẹsẹ̀wẹ́rẹ́, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara náà ń gba ìwé Compostela, nítorí náà fi ọkàn balẹ̀. Kàn kíyè sí ohun kan: tí àpò bá ti wà nínú mọ́tò, ó rọrùn kéèyàn máa kó nǹkan kún un. Dín in kù bí ẹni tó máa fi èjìká gbé e.

Àtẹ̀gùn:
Mi ò fẹ́ ba inú ẹnikẹ́ni jẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo rin gbogbo 780 yẹn lẹ́yìn tí màmá mi kú. Mo dé iwájú kàtídírà, àwọn èèyàn ń sunkún, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, àwọn kan nà gbalaja sílẹ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan lára. Ibi tí mo ti máa rí oúnjẹ gbígbóná ni mò ń wá.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ láàárín Burgos àti León. Ibẹ̀ tẹ́jú, oko ọkà lápá ọ̀tún, oko ọkà lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń bá jà lọ́kàn níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí ilé tí màmá wa fi sílẹ̀. Nígbà míì ohùn mi á jáde sókè, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á fà sẹ́yìn. Inú tí mo fi kúrò níbẹ̀ ru ju èyí tí mo gbé lọ. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín pé "bó o ṣe lọ kọ́ lo máa bọ̀," òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tá a dé Sarria, tá a rí àwọn tí aṣọ wọn ṣì mọ́, àwa tá a ti rìn láti òkèèrè ń yọ̀ wọ́n ṣe. À ń pè wọ́n ní arìnrìn-àjò afẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bíi ẹgbẹ̀ta ó lé kìlómítà tá a ti ń wá ìrẹ̀lẹ̀! Ẹsẹ̀wẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín tí wọ́n bá ṣe é sí yín.

Bàbá Ọ̀pá:
Àtẹ̀gùn, o ṣeun tó o la ẹnu sọ ọ́. Àwọn tó máa ń pa èyí mọ́ra pọ̀.

Ibi tí o sọ yẹn, wọ́n ń pè é ní Meseta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ bọ́ọ̀sì fò ó, wọ́n ní kò sí ohun tí èèyàn ń wò níbẹ̀. Lẹ́yìn Carrión de los Condes, ó tó kìlómítà 17 tí o ò ní rí abúlé kan ṣoṣo, igi tó ní ibòji sì ṣọ̀wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara ló ń pariwo: orúnkún, èjìká, ẹsẹ̀ tó bó. Nígbà tí ara bá ti mọ ìrìn, tí ojú ò sì rí nǹkan wò mọ́, ohun tó kù nínú èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kọ́ ló gbìn ìbínú yẹn sí ọ nínú. Ó ti wà níbẹ̀, ariwo iṣẹ́ àti ti ìsìnkú ló bò ó.

Ohun tí mo máa ń bi àwọn tó bá dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni pé, nínú ìjà ọkàn yẹn, ta ló ń sọ̀rọ̀? Wọ́n á ronú, wọ́n á ní àwọn nìkan ni. Ẹnì kejì kì í fèsì, tàbí kó fèsì òmùgọ̀ kí wọ́n lè borí rẹ̀. Ibẹ̀ lèèyàn fi ń mọ̀ pé ìrìn inú ti dúró, tí ẹsẹ̀ nìkan sì ń lọ: tí o bá ti ń tún gbólóhùn kan náà sọ, tí o sì ń jàre ní gbogbo ìgbà. Má gbìyànjú láti lé e. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ náà sọ tẹnu rẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa sọ ọ́ gan-an. Ìyẹn máa ń dun èèyàn ju ẹsẹ̀ tó bó lọ. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn àdúrà kúkúrú kan, "Olúwa, ṣàánú," kó máa bá ìṣísẹ̀ lọ. Tí ọkàn bá tún sá padà síbi ìjà, mú un bọ̀ láìbínú.

Ní ti pé o dé tí o ò mọ nǹkan kan lára, mo rí i lọ́dọ̀ ẹni tó pọ̀. Àwọn ará àtijọ́ kò ní bàálù. Bí wọ́n ṣe fẹsẹ̀ lọ náà ni wọ́n ṣe fẹsẹ̀ bọ̀, ìdajì ìrìn sì ni Santiago jẹ́ fún wọn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù láti fi ro ohun tí wọ́n rí. Ìwọ wọ bàálù, ní ìrọ̀lẹ́ o ti wà lórí àga rẹ. Àwọn kan máa ń rìn síwájú dé Finisterre, létí òkun, bíi kìlómítà 90 sí i, nítorí pé ọkàn wọn ò tíì dé nígbà tí ẹsẹ̀ dé. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀ látìgbà náà?

Àtẹ̀gùn:
Rárá, bàbá. Lọ́yà mi ló ń bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kílódé:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè. Gírígórì, bíṣọ́ọ̀bù Nísà, ti sọ ọ́ ní nǹkan bíi ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn pé pípààrọ̀ ibi tí a wà kò mú Ọlọ́run sún mọ́ wa. Òun fúnra rẹ̀ dé Jerúsálẹ́mù, ó ní bí oore-ọ̀fẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ ni, ẹ̀ṣẹ̀ kì bá tí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Lúútà tiẹ̀ sọ nípa Santiago yìí pé a ò mọ̀ bóyá Jákọ́bù ló wà níbẹ̀ tàbí òkú ajá.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kà sílẹ̀: kéèyàn dín ẹrù kù, kó gbé ọ̀rọ̀ mì, kó san gbèsè, kó gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èwo ló gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nínú rẹ̀?

Bàbá Ọ̀pá:
Gírígórì jàre, n ò bá a jiyàn. Mo kàn rí i pé ó lọ kó tó sọ ọ́.

Màá tún fi kún tìrẹ. Láyé àtijọ́, àwọn ilé ẹjọ́ kan ní Yúróòpù máa ń dá ọ̀daràn lẹ́jọ́ pé kó rìn lọ sí Santiago, kó sì mú ẹ̀rí bọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn rin ọ̀nà kan náà, ẹsẹ̀ wọn bó bíi ti gbogbo èèyàn. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó yí ọkàn wọn padà. Torí náà, èmi náà ò gbà pé ẹsẹ̀ nìkan ń ṣe é.

Ìyá Àrùná:
Ẹ̀gbọ́n Kílódé, ibi tí mo ti yà sí yín ni pé Háájì kì í ṣe ohun tá a yàn nítorí pé ó máa tún wa ṣe. Ọlọ́run pàṣẹ rẹ̀ fún ẹni tó bá lágbára, ó tán. Tí ìwà bá yí padà, Alhamdulillah. Tí kò bá yí padà, àṣẹ náà ṣì wà lọ́rùn ẹni. Ohun tí ẹ̀ ń bi ara yín yìí, bóyá ó wúlò tàbí kò wúlò, àwa kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kílódé:
Mo gbọ́ tiyín, Ìyá Àrùná. Àmọ́ Ẹsẹ̀wẹ́rẹ́ ò ní àṣẹ kankan lọ́rùn. Ó kàn fẹ́ lọ ni.

Ẹsẹ̀wẹ́rẹ́:
Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún mi. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ gbèsè tí Ìyá Àrùná sọ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ti kú. Owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ sí i náà sì wà nínú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ parí ìyẹn kí n tó lọ?

Ìyá Àrùná:
Owó ò le. Ẹ gbé e fún àwọn tó jogún rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó jẹ́ fún wọn, ẹ má fi pamọ́ bí ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ burúkú ni mi ò lè sọ pé báyìí lẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ máa tọrọ àánú fún un, kẹ́ ẹ sì máa sọ dáadáa rẹ̀ lójú àwọn tẹ́ ẹ ti bà á jẹ́ létí wọn.

Bàbá Ọ̀pá:
Tó o bá gbé owó náà dé ọ̀dọ̀ wọn, má ṣe kánjú kúrò. Jókòó kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ sí ọ. Tó o bá wá dé Sarria, wàá rí àwọn tó ń fi tọ́ọ̀ṣì jáde lójú òru kí àwọn ẹlòmíràn má baà gba bẹ́ẹ̀dì mọ́ wọn lọ́wọ́. Má bá wọn sáré.

Kílódé:
Mo ní ká má gbàgbé: owó yẹn, èèyàn lè gbé e lọ fún wọn láìra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹsẹ̀wẹ́rẹ́:
Ó ṣeé ṣe, sà. Ó ti ṣeé ṣe láti ọjọ́ tó ti kú, mi ò sì ṣe é. Mo pe ọmọbìnrin rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé.

Kílódé:
Ó dáa. Mi ò tíì gbà pé ẹsẹ̀ ló ṣe é o. Owó tẹ́ ẹ ti san sílẹ̀ ló ń lé yín.